Ìwé owó tí áàpù wa ń fi ránṣẹ́ ń ṣubú sínú sípáàmù látìgbà tí a ti pààrọ̀ sáfà ímeèlì

Onírẹsì Adó (Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan dé bá mi tí mi ò rí ìdí rẹ̀. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ni mo ń tà. Mo ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, a ń ṣa òkúta rẹ̀, a sì ń dì í sínú àpò ní ilé ìkẹ́rù wa ní Adó. Èkó àti Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà, àwọn díẹ̀ wà ní Àbújá. Láti ọdún tó kọjá ni àbúrò mi ti kọ áàpù kékeré kan fún mi. Tí oníbàárà bá ti béèrè ọjà, áàpù á fi ìwé owó ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀. Tó bá sanwó, rìsíìtì á lọ. Tí mọ́tò bá gbéra ní Adó, òmíràn á tún lọ pé ẹrù ti wà lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ máa ń tó ọgọ́ta lójúmọ́.

Tẹ́lẹ̀, sáfà tí sáìtì wa wà lórí rẹ̀ náà ló ń fi wọ́n ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fà bí ìgbín. Rìsíìtì aago mẹ́sàn-án lè má dé títí di ọ̀sán. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbúrò mi ní ká lọ sọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn kò ju kí wọ́n máa bá èèyàn gbé ímeèlì lọ. Ó pààrọ̀ orúkọ sáfà nínú áàpù, ó fi pọ́ọ̀tù 587 sí i, ó kọ orúkọ àti páásíwọọ̀dù tuntun. A dán an wò, ó lọ kíá bí ìgbà tí èèyàn yìnbọn. Inú wa dùn.

Àfi ìgbà tó di ọjọ́ Ẹtì. Oníbàárà mi kan ní Bódìjà pè mí, ohùn rẹ̀ le, ó ní òun ò rí ìwé owó, òun ò sì lè sanwó láìrí ìwé. Mọ́tò ti ru ogójì àpò láti aago mẹ́fà àárọ̀, dírẹ́bà sùn sábẹ́ igi. Nígbà tí wọ́n wo sípáàmù, ìwé owó mẹ́rin ni wọ́n bá níbẹ̀. Mo pe àwọn mìíràn, bákan náà ni lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń lo Gmail. Áàpù ń sọ fún mi pé ó ti lọ, àwọn agbémeèlì náà ń kọ “Delivered” sí i. Kí ló bàjẹ́?

---

Ọmọ Ìjerò (8:40)

Àǹtí, ẹ wọ inú ètò fóònù, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù láyè kó máa dún. Tèmi náà dákẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Àṣé ètò tí wọ́n fi ń ṣọ́ bátìrì ló ń pa á.

---

Onírẹsì Adó (8:47)

Ẹ ṣeun àbúrò, àmọ́ kì í ṣe pé fóònù ò dún. Ímeèlì tí áàpù ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà ló ń bọ́ sí ibi tí kò yẹ.

---

Bàbá Kékeré (9:05)

Ẹ kú uṣẹ́ o. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, mo ń ta ajílẹ̀. Ohun tó wà nínú ímeèlì ni Gmail máa ń kà. Tí ẹ bá kọ “SANWÓ KÍÁKÍÁ” lẹ́tà gàdàgbà sórí rẹ̀, tí líǹkì sì pọ̀ nínú rẹ̀, ó ti fi yín sínú àwọn oníjìbìtì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àkọlé náà tutù. Kí ẹ sì ní kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ṣí ímeèlì náà nínú sípáàmù, kó tẹ “Report not spam”. Bí èmi ṣe ṣe é nìyẹn, ó sì dáwọ́ dúró.

---

Onírẹsì Adó (9:21)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ “Ìwé owó yín láti Adó” ni àkọlé wa, bẹ́ẹ̀ ló sì ti wà láti ọdún tó kọjá, a ò yí lẹ́tà kan padà. Ó ń dé dáadáa nígbà yẹn. Sáfà nìkan la pààrọ̀.

---

Délé Wẹ́ẹ̀bù (9:50)

SPF ni, Àǹtí. Orúkọ àwọn agbémeèlì tuntun yẹn kò sí lára àwọn tí dómeènì yín fún láyè láti máa lo orúkọ yín. Ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti ń tọ́jú DNS, ẹ fi rẹ́kọ́ọ̀dù TXT yìí kún un, ẹ fi orúkọ wọn gan-an rọ́pò èyí tí mo kọ:

```
v=spf1 include:spf.agbemeeli.example ~all
```

Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google ti pa á láṣẹ fún gbogbo ayé pé ẹni tí kò bá ní SPF, DKIM àti DMARC, sípáàmù ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ ṣe é, kó tó dalẹ́ á ti parí.

---

Onírẹsì Adó (12:26 ọ̀sán)

Délé, àbúrò mi ti fi kún un láti aago mẹ́wàá. Ti áàpù kò yí padà. Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù ni pé ímeèlì tí mo fọwọ́ ara mi kọ láti àpótí ímeèlì iléeṣẹ́, tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú áàpù rárá, òun náà ti ń bọ́ sínú sípáàmù báyìí. Ṣé kì í ṣe pé mo ń fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́?

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (1:35)

Onírẹsì, ẹ dáwọ́ dúró ná. Ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́ títí a ó fi mọ ohun tí Gmail rí. Èmi ni mò ń bójú tó ímeèlì ní iléeṣẹ́ kan níbí, mo sì ti rí irú èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun méjì ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín.

Èkíní, ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìwé owó tó bọ́ sínú sípáàmù, nínú Gmail tirẹ̀ gan-an. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún, kí ẹ mú “Show original”. Ojú ewé mìíràn á ṣí. Lókè rẹ̀ ni SPF, DKIM àti DMARC wà. Ẹ dà á kọ síbí, pẹ̀lú ìlà “From” àti ìlà “Return-Path”. Ẹ lè fi orúkọ mìíràn bo ti dómeènì yín.

Èkejì, ẹ ka iye rẹ́kọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `v=spf1` lórí dómeènì yín. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti di méjì.

Délé, àṣẹ Google tí o sọ yẹn, o fi kún un díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ránṣẹ́ sí àwọn onígmail lójúmọ́ ni wọ́n ní kó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún àwa kéékèèké, SPF tàbí DKIM ni wọ́n béèrè. Ọgọ́ta ni Onírẹsì ń fi ránṣẹ́. Kì í ṣe àṣẹ 2024 ló mú un, ohun kan ló yí padà ní ilé tirẹ̀.

---

Onírẹsì Adó (2:10)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

```
Return-Path: <b-4471@bounce.agbemeeli.example>
From:  Iresi Ado <owo@iresiado.example>
SPF:   PASS with IP 192.0.2.25
DKIM:  'PASS' with domain agbemeeli.example
DMARC: 'FAIL'
```

Òótọ́ lẹ sọ, `v=spf1` ti di méjì, ti àtijọ́ àti èyí tí a fi kún un lónìí. Ohun tí kò yé mi ni pé SPF ní ó yege, DKIM ní ó yege, kí ló wá dé tí ìkẹta fi kùnà?

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (2:48)

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lẹ fọwọ́ bà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí ọ̀rọ̀ dírẹ́bà yín.

Ká ní ẹ fi ìrẹsì rán dírẹ́bà tuntun lọ sí Bódìjà. Ọlọ́pàá dá a dúró ní Iléṣà, ó ní kó mú ìwé wá. Ó mú ìwé ọkọ̀ jáde, ìwé náà pé. Ó mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ó pé. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ló wà lára ìwé méjèèjì, orúkọ yín ló sì wà lára àpò. Ọlọ́pàá ò lè sọ pé ìwé náà jẹ́ ayédèrú. Ohun tó ń béèrè ni pé, ta ló ni ẹrù yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni ti Gmail. SPF kò wo ìlà “From” tí oníbàárà ń rí. “Return-Path” ló ń wò, ìyẹn ibi tí ímeèlì á padà sí tí kò bá rí ẹni gbà á. Lọ́dọ̀ yín, dómeènì agbémeèlì ló wà níbẹ̀. Wọ́n sì fún sáfà ara wọn láyè, ó yege. DKIM ni òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù mọ́ ímeèlì. Orúkọ agbémeèlì náà ló wà lára òǹtẹ̀ yẹn, ó yege. DMARC nìkan ló ń fi “From” wé àwọn méjèèjì: ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ yege lórúkọ dómeènì tó wà nínú “From”. Ti yín kò rí ọ̀kankan.

Nígbà tí ẹ wà lórí sáfà àtijọ́, dómeènì yín ló wà ní “Return-Path”, ìdí nìyẹn tí ó fi ń wọlé. Lọ́jọ́ tí àbúrò yín pààrọ̀ orúkọ sáfà ni orúkọ yín ti kúrò níbẹ̀, kò sì sí ohun tí áàpù lè fi mọ̀.

Ìdí tí ìyẹn fi sọ yín sí sípáàmù, tí kò kàn kọjá lọ bẹ́ẹ̀, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ wo rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ `_dmarc` lórí dómeènì yín. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú `p=`.

Ẹ yọ SPF tí ẹ fi kún un lónìí kúrò lọ́wọ́lọ́wọ́. Dómeènì kan kò gbọ́dọ̀ ní ju ọ̀kan lọ. Tó bá di méjì, sáfà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í mú ọ̀kan nínú wọn, ó máa ń kọ `permerror` ni, bí ẹni pé kò sí SPF rárá. Ìyẹn ló mú àwọn ímeèlì tí ẹ ń fọwọ́ kọ. Wọ́n ṣì ń gba sáfà àtijọ́, SPF sì ni ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi dúró.

---

Onírẹsì Adó (3:15)

Mo ti yọ ọ́. Ohun tó wà ní `_dmarc` rèé:

```
v=DMARC1; p=quarantine
```

Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n fi sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe sáìtì wa ló ṣe é.

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (3:22)

Ohun náà nìyẹn. Dómeènì yín fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún Gmail pé “ẹni tó bá lo orúkọ mi tí kò sì lè fi hàn pé èmi ni, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́”. Gmail ń ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe ni.

---

Délé Wẹ́ẹ̀bù (3:40)

Ìyá, mo gba ti SPF méjì, ẹ má bínú Àǹtí, mo yẹ kí n ní kí ẹ fi `include` náà sínú ti àtijọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kúkú pa DMARC rẹ́. Tí kò bá sí i, kò ní sí ohun tó ń kùnà.

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (3:58)

Tí o bá fi `include` sínú ti àtijọ́ gan-an, kò ní ran áàpù lọ́wọ́, nítorí SPF kò wo dómeènì Onírẹsì nígbà tí “Return-Path” jẹ́ ti ẹlòmíràn. Wo ohun tó dà kọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: SPF kò tíì kùnà rárá.

Ní ti pípa DMARC rẹ́, mi ò fara mọ́ ọn. Ìwé owó ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Tí ẹnì kan bá fi orúkọ wọn kọ ìwé owó tó ní nọ́ńbà àkáǹtì mìíràn ńkọ́? Ẹ yí i sí `p=none` fún ìgbà díẹ̀ nìkan, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì kan sí i tí ìròyìn á máa wá sí:

```
v=DMARC1; p=none; rua=mailto:iroyin@iresiado.example
```

Ìyẹn á dá àṣẹ náà dúró, àmọ́ kò wo àrùn náà sàn. Ohun tó máa wò ó ni kí àwọn agbémeèlì máa lu òǹtẹ̀ lórúkọ yín. Ẹ wọlé sórí pánẹ́ẹ̀lì wọn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń forúkọ dómeènì sílẹ̀. Wọ́n á fún yín ní rẹ́kọ́ọ̀dù méjì tàbí mẹ́ta láti fi sí DNS.

---

Káfíńtà Ẹ̀fọ̀n (5:12 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dá sí i. Èmi ń ṣe àga àti ilẹ̀kùn, áàpù kan ló ń bá mi kọ iye owó sí oníbàárà. Àdírẹ́sì gmail mi ni mo fi sí “From”, áàpù sì ń gba sáfà tirẹ̀ lọ. Sípáàmù ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ṣé kí èmi náà lọ wá DKIM?

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (5:30)

Káfíńtà, ẹ ò lè wá a, nítorí ẹ ò ni gmail.com. Kò sí ẹni tó lè fún sáfà áàpù yín láyè láti lu òǹtẹ̀ Google. Ọ̀nà méjì ló wà: ẹ ra dómeènì tiyín, kí ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí “From”, tàbí kí áàpù náà gba sáfà Google fúnra rẹ̀ lọ pẹ̀lú àkáǹtì yín. Tí ẹ bá ra dómeènì, ẹ ṣì lè fi gmail sí “Reply-To” kí èsì máa wá bá yín níbẹ̀.

---

Onírẹsì Adó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Àwọn agbémeèlì fún wa ní CNAME méjì. Bí a ṣe kọ wọ́n sí DNS rèé:

```
s1._domainkey.iresiado.example  ->  s1.dkim.agbemeeli.example
bounce.iresiado.example         ->  bounce.agbemeeli.example
```

Láti alẹ́ àná ni. A ti tẹ “Verify” lórí pánẹ́ẹ̀lì wọn títí ọwọ́ fi ń dun àbúrò mi, “Pending” ló ń kọ. Mo ti yí DMARC sí `p=none` bí ẹ ṣe wí.

---

Bàbá Kékeré (10:20)

Ẹ ní sùúrù. DNS máa ń gba ọjọ́ méjì kó tó kárí ayé. Ẹ lọ sùn.

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (10:44)

Bàbá, sùúrù dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jókòó ti àṣìṣe wọn. Rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè rí máa ń hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá ti di òru kan tí kò hàn, mo máa ń fura. Onírẹsì, ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ èyí:

```
nslookup -type=CNAME s1._domainkey.iresiado.example
```

---

Onírẹsì Adó (11:02)

Ó ní “Non-existent domain”. Bẹ́ẹ̀ mo ń wò ó níwájú mi nínú pánẹ́ẹ̀lì DNS.

---

Délé Wẹ́ẹ̀bù (11:09)

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú èyí o, kí n lè fi san gbèsè àná. Pánẹ́ẹ̀lì DNS púpọ̀ máa ń fi orúkọ dómeènì kún ẹ̀yìn ohun tí ẹ bá kọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin sì ti kọ gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ béèrè èyí, ẹ má gbàgbé tóótó tó wà ní ìparí:

```
nslookup -type=CNAME s1._domainkey.iresiado.example.iresiado.example.
```

---

Onírẹsì Adó (11:16)

Háà! Ó dáhùn! Délé, ó dáhùn! Ó wà níbẹ̀, orúkọ méjì léra wọn bí ìkòkò.

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (11:25)

Délé, o káre. Èmi ì bá máa wá nǹkan mìíràn kiri.

Onírẹsì, ẹ pa méjèèjì rẹ́, kí ẹ kọ `s1._domainkey` nìkan àti `bounce` nìkan síbi orúkọ. Tí ẹ bá béèrè lẹ́yìn náà tó ṣì sọ pé kò sí, ẹ má fòyà. Sáfà tí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ti gbọ́ “kò sí”, ó sì máa ń rántí èsì yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ sáfà orúkọ dómeènì yín tààrà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìparí àṣẹ náà. Òun kì í rántí èsì àtijọ́, ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ ló ń kà.

---

Onírẹsì Adó (4:50 ìrọ̀lẹ́)

“Verified” ti hàn ní aago kan kọjá díẹ̀. Mo fi ìwé owó kan ránṣẹ́ sí gmail àbúrò mi, inú àpótí gan-an ló bọ́ sí. Ẹ wò ó:

```
SPF:   PASS with IP 192.0.2.25
DKIM:  'PASS' with domain iresiado.example
DMARC: 'PASS'
```

“Return-Path” náà ti di `bounce.iresiado.example`. Sáfà yẹn náà ni, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà.

---

Délé Wẹ́ẹ̀bù (5:03)

Ó ku `include` tí ẹ máa fi sínú SPF àtijọ́. Ìwé ìtọ́ni àwọn agbémeèlì púpọ̀ ló ní kí èèyàn fi sí i.

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (5:20)

Ìwé ìtọ́ni wọn lè sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ lójú tèmi kò sí ohun tó ń ṣe fún Onírẹsì báyìí. “Return-Path” ti wà lórí `bounce`, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo SPF, CNAME sì ti gbé e lọ bá ti agbémeèlì. Ohun tí `include` máa fi kún un ni pé á jẹ lára ìbéèrè mẹ́wàá tí SPF gbà láàyè, á sì fún gbogbo oníbàárà agbémeèlì náà láyè lórúkọ iresiado. Mi ò ní fi sí i.

---

Délé Wẹ́ẹ̀bù (5:26)

Èmi á fi sí i. Tí CNAME `bounce` yẹn bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ó kéré tán nǹkan kan wà nílẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (5:31)

Tó bá bàjẹ́, ímeèlì á padà sí “Return-Path” ti agbémeèlì, `include` yẹn ò sì ní kàn án, bó ṣe rí lánàá gan-an. DKIM ló máa gbà wọ́n. Ó dáa, ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó jẹ mí lógún ju ìyẹn lọ ni àpótí ímeèlì tí ẹ fi ń fọwọ́ kọ̀wé, Onírẹsì. Kò ní DKIM. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tan án lórí sáfà àtijọ́. Orúkọ òǹtẹ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ sí `s1`, nítorí náà wọn ò ní gbá ara wọn. DKIM ò dà bí SPF, ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ mẹ́rin.

---

Onírẹsì Adó (Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́)

Mo padà wá jábọ̀. A ti tan DKIM ti àpótí àtijọ́. Mo pe oníbàárà mọ́kànlá lónìí láti béèrè ibi tí ìwé owó bọ́ sí. Mẹ́jọ rí i nínú àpótí wọn. Méjì, títí kan ará Bódìjà, ṣì ń rí i nínú sípáàmù, bẹ́ẹ̀ “Show original” tiwọn fi PASS hàn ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kan ní Àbújá tó ní òtẹ́ẹ̀lì, FAIL ló wà níwájú DMARC tirẹ̀. Mo ti wò ó títí, kò yé mi.

---

Bàbá Kékeré (9:25)

Àwọn méjì yẹn, ẹ ní kí wọ́n tẹ “Report not spam” o. Mo ti sọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé.

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (9:50)

Bàbá, ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wúlò dé báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Gmail àwọn èèyàn yẹn fi ń gbé ímeèlì Onírẹsì sí ẹ̀gbẹ́, kò sì ní gbàgbé lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé tí orúkọ ò tíì bára mu, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ nìkan ni ì bá ran lọ́wọ́, oníbàárà tuntun ọ̀la á tún bọ́ sínú rẹ̀.

Ti ará Àbújá, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì lẹ ń kọ sí, tí wọ́n wá ń darí rẹ̀ lọ sí gmail rẹ̀? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sáfà òtẹ́ẹ̀lì ló ń gbé e dé Gmail, SPF ti lọ nìyẹn. Òǹtẹ̀ DKIM yẹ kó yè é, àfi tí sáfà wọn bá ń fi ọ̀rọ̀ kún ìsàlẹ̀ ímeèlì, irú “ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan ni kó kà á”. Tí lẹ́tà kan bá ti yí padà nínú ara ímeèlì, òǹtẹ̀ náà ti já.

---

Onírẹsì Adó (10:08)

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́! Lẹ́tà kéékèèké, ìlà mẹ́fà. Mo rò pé áàpù wa ló ń kọ ọ́ ni.

---

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé (10:15)

Ẹ gba gmail rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ rẹ̀, kí áàpù máa kọ ọ́ síbẹ̀. A ò lè bá òtẹ́ẹ̀lì tún sáfà wọn ṣe. Ẹ fi `p=none` sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ná, kí ẹ máa wo ìròyìn tó ń wọlé. Tí kò bá sí sáfà yín kankan tó ń kùnà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà sí `quarantine`.

---

Délé Wẹ́ẹ̀bù (10:22)

Ní tèmi, ẹ fi sí `none` títí lọ. Tí ẹ bá dá a padà, gbogbo àwọn tó ń darí ímeèlì bíi ti òtẹ́ẹ̀lì yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú sípáàmù.

---

Onírẹsì Adó (10:30)

Ẹ̀yin méjèèjì ti fi mí sí oríta. Màá pe ará Àbújá láàárọ̀, kí n tó mọ èyí tí màá ṣe. Dírẹ́bà náà ní òun ò tún fẹ́ sùn sábẹ́ igi mọ́.